Bí A Ṣe Ń Fi Ṣíìtì Kan Bójú Tó Iṣẹ́ Oníbàárà Mẹ́ta, Gbèdéke Wọn àti Owó Wọn

Oníbàárà mẹ́ta lè gbé iṣẹ́ fún ènìyàn kan náà nínú oṣù kan, kí ọ̀kan san ìdajì owó sílẹ̀, kí èkejì máa san owó wákàtí ní ìparí oṣù, kí ẹ̀kẹta sì máa sanwó fún apá kọ̀ọ̀kan bí ó bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà ń dá ṣiṣẹ́, tí kò ní akọ̀wé tàbí olùṣírò owó, inú ìmeèlì, inú fóònù àti inú orí rẹ̀ ni gbogbo àdéhùn wọ̀nyí máa ń fọ́n ká sí. Èmi pẹ̀lú ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún tí mo ṣe àtúnṣe kẹta àti ìkẹrin fún oníbàárà kan lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé n kò rí ibi tí mo kọ ọ́ sí pé àtúnṣe méjì péré ni owó náà bò, ni mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ṣíìtì kan. Ìlànà tí mo ń lò láti ìgbà náà ni mo fẹ́ fi hàn yín, pẹ̀lú àpẹẹrẹ oníbàárà mẹ́ta tí n ó tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tí a kọ ìwé owó wọn.

Kí àpẹẹrẹ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kóòdù. GB-01 jẹ́ ìwé pẹlẹbẹ tí mo ń kọ, tí mo sì ń tò fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Owó rẹ̀ jẹ́ 800, a ti san 400 sílẹ̀, 400 tó kù yóò wọlé nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i. MT-04 jẹ́ àtúnkà àpilẹ̀kọ fún ìwé ìròyìn kan, 40 ni wákàtí kan, ìparí oṣù ni mo ń béèrè owó rẹ̀, wọ́n sì ní 30 ọjọ́ láti san án. RS-02 jẹ́ ìtumọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ kan tí a pín sí apá mẹ́ta, tí a ń sanwó apá kọ̀ọ̀kan láàárín 14 ọjọ́. N kò kọ orúkọ owó sí i, kí olúkúlùkù lè fi owó tí ó ń ná kà á.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣí fáìlì kan tí ó ní ojú ewé mẹ́ta

Excel tàbí Google Sheets ló tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ pe ojú ewé àkọ́kọ́ ní `Ise`, èkejì ní `Wakati`, ẹ̀kẹta ní `Owo`. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì ohùn kúrò nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí àti nínú ọ̀rọ̀ tí fọ́múlà yóò máa wá, nítorí pé bí ẹ bá fi àmì sí i lónìí tí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ lọ́la, fọ́múlà kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, yóò sì fo ìlà náà láìsọ fún yín. Ẹ lè kọ àkíyèsí yín pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, nítorí pé ojú ènìyàn ló máa kà á.

Nínú `Ise`, ohun kan tí a ó fi ránṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ gba ìlà kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú, nítorí pé RS-02 ní apá mẹ́ta tí gbèdéke wọn yàtọ̀ síra, tí owó wọn náà sì ń wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá wà lórí ìlà kan, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ lè kọ sí i, ọjọ́ méjì tó kù yóò sì padà sínú orí yín. Nítorí náà, RS-02 gba ìlà mẹ́ta, GB-01 gba ìlà méjì (ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti ẹ̀dà ìkẹyìn), MT-04 sì gba ìlà kan fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan.

Òpó mẹ́sàn-án ni mo ń lò: A ni kóòdù, B ni oníbàárà, D ni gbèdéke tí oníbàárà fún wa, E ni ọjọ́ tí èmi fúnra mi fẹ́ parí, F ni wákàtí tó kù, G ni ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ wà, H ni ọjọ́ tó kàn, I sì ni àkíyèsí owó. Òpó C, tí ó wà láàárín oníbàárà àti gbèdéke, ni ohun tí a ó fi ránṣẹ́. Ẹ má ṣe kánjú fi òpó mìíràn kún un. Òpó tí ènìyàn kò kọ nǹkan sí fún ọ̀sẹ̀ méjì máa ń kọ́ ojú láti fo àwọn tó kù pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya ọjọ́ yín kúrò lára ọjọ́ wọn

Gbèdéke tí oníbàárà fún wa ni ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí èmi ń ṣiṣẹ́ tọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, kí àyè lè wà fún àtúnkà, fún iná tó lọ tàbí ara tí kò yá. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ń fi sílẹ̀, mo sì jẹ́ kí fọ́múlà bá mi ṣírò rẹ̀ nínú òpó E:

```
=IF(D2="","",WORKDAY(D2,-3))
```

`WORKDAY` máa ń fo Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Ọjọ́ Àìkú fúnra rẹ̀. Gbèdéke GB-01 àti ti apá kejì RS-02 bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21 oṣù kẹta, 2025, nítorí náà ọjọ́ tèmi fún àwọn méjèèjì jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18. Ti MT-04 jẹ́ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24, fọ́múlà sì gbé e padà sí Ọjọ́rú, ọjọ́ 19. Bí a bá kàn ka ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn láti ọjọ́ 24 láìfo ìparí ọ̀sẹ̀, ọjọ́ 21 la ó bá ara wa, àyè tí a rò pé a fi sílẹ̀ kò sì ní ju ọjọ́ iṣẹ́ kan lọ. Lórí kọ̀ǹpútà àwọn ibì kan, àmì `;` ni a ń lò nínú fọ́múlà dípò `,`. Bí tiyín bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ èyí ná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ rò pé ó kù sí òpó F. Nínú àpẹẹrẹ wa, GB-01 ku wákàtí 9, RS-02 ku 8, MT-04 ku 6. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ṣíìtì pé wákàtí mélòó ló wà lọ́wọ́ yín títí di ọjọ́ kan pàtó:

```
=SUMIFS(F2:F200,G2:G200,"EMI",E2:E200,"<="&DATE(2025,3,18))
```

Ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ 17, ìyẹn 9 àti 8. Ẹ wò ó báyìí pé alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 12, ni mo ṣí ṣíìtì náà, tí mo sì mọ̀ pé n kì í ṣe ju wákàtí 5 gidi lọ lójúmọ́ nígbà tí a bá yọ ìmeèlì àti ìpè kúrò. Láti Ọjọ́bọ̀ títí di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wákàtí 20 nìyẹn. Iṣẹ́ 17 wọ inú rẹ̀, wákàtí 3 tó ṣẹ́kù lọ sórí MT-04, n ó sì parí ìdajì rẹ̀ tó kù ní Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17, ni mo tó wò ó, wákàtí 10 péré ni mo ní títí di alẹ́ ọjọ́ kejì fún iṣẹ́ wákàtí 17. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, kò ju wákàtí 25 lọ fún iṣẹ́ 23, èyí tó túmọ̀ sí pé mo lè fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lákòókò, ṣùgbọ́n orí fífọ́ díẹ̀ lásán ti tó láti ba gbèdéke kan jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ṣe ìṣirò yìí ní àárín ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́rú ni àyè ṣì wà láti kọ̀wé sí oníbàárà pé kí ó sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e tí gbèdéke jẹ́ ọ̀la, àforíjì lásán ni ìwé náà yóò jọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ wà

Òpó G ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ṣíìtì yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ń gbà: `EMI`, `WON` àti `PARI`. Ẹ lo `Data validation` láti fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i gẹ́gẹ́ bí ohun àṣàyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ ọ̀rọ̀ mìíràn síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń kọ "ó ń lọ lọ́wọ́", "ó kù díẹ̀" àti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ fún mi ẹni tí ó yẹ kí ó ṣe nǹkan. Bí mo bá ti fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ GB-01 ránṣẹ́ ní ọjọ́ 21, ìlà náà di `WON` lójú ẹsẹ̀, mo sì kọ ọjọ́ tí n ó béèrè èsì sí òpó H. Àdéhùn wa fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti dáhùn, nítorí náà ọjọ́ 28 oṣù kẹta ni mo kọ síbẹ̀. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn tí kò ní ọjọ́ nínú òpó H ni ó máa ń sùn lọ fọnfọn títí tí oníbàárà yóò fi rántí rẹ̀ lójijì, tí yóò sì fẹ́ ẹ lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí òpó H di pupa nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá. Ẹ yan gbogbo òpó náà láti H2, ẹ lọ sí `Conditional formatting`, kí ẹ sì kọ èyí gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀:

```
=AND($H2<>"",$H2<TODAY(),$G2<>"PARI")
```

Ohun kan wà tó máa ń ba èyí jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Bí ẹ bá tẹ ọjọ́ kan lọ́nà tí ṣíìtì kò mọ̀, bóyá ẹ kọ "28 oṣù kẹta" síbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí. Ṣíìtì a sì máa ka ọ̀rọ̀ sí ohun tó tóbi ju nọ́ńbà lọ, nítorí náà kò ní gbà láéláé pé ọjọ́ náà ti kọjá, ìlà yín yóò sì funfun títí ayé. Ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ tí ọjọ́ faramọ́ nínú àpótí rẹ̀: ọjọ́ gidi máa ń faramọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ lásán máa ń faramọ́ òsì, àyàfi bí ẹ bá ti yí i padà fúnra yín. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ kọ `=ISNUMBER(H2)` sí àpótí kan tó ṣófo. `TRUE` ni èsì ọjọ́ gidi. Èyí tó tún léwu ju ìyẹn lọ ni 03/04, tí kọ̀ǹpútà kan yóò kà sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, tí òmíràn yóò sì kà sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, tí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọjọ́ gidi tí ìdánwò yìí kò lè mú. Ẹ máa tẹ ọdún ṣáájú, báyìí: `2025-03-28`.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ àkíyèsí owó ní ọjọ́ tí ẹ ṣe àdéhùn

Àkíyèsí owó tí ó kàn sọ pé "800, ìdajì ti wọlé" kò tíì sọ nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí owó tó kù tó di ohun tí a lè béèrè, ohun tí owó náà bò, àti iye tí ohun tó bá kọjá rẹ̀ jẹ́. Èyí ni mo kọ sórí ìlà ẹ̀dà ìkẹyìn GB-01, bí ó ti rí gan-an:

"400 tó kù: ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkẹyìn nínú ìmeèlì. Àtúnṣe 2 wà nínú owó. Èyí tó bá lé: 40 fún wákàtí kan, kí n sọ iye rẹ̀ fún wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ nínú ìmeèlì 2025-02-27. Àtúnṣe tí a ti ṣe: 0."

Nọ́ńbà tó parí rẹ̀ yìí ni mo máa ń yí padà ní ọjọ́ tí ìwé àtúnṣe bá dé. Ọjọ́ ìmeèlì náà sì wà níbẹ̀ kí n lè rí i ní ìṣẹ́jú kan bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, nítorí pé lẹ́yìn oṣù méjì, èmi àti oníbàárà yóò ti máa rántí àdéhùn kan náà lọ́nà méjì, láìsí pé ẹnì kan nínú wa ń purọ́.

Ti owó wákàtí yàtọ̀, ibẹ̀ ni ojú ewé `Wakati` ti wúlò. Òpó márùn-ún ló ní: ọjọ́, kóòdù, ohun tí mo ṣe, iye wákàtí, àti nọ́ńbà ínfọ́ìsì, ìyẹn ìwé tí a fi béèrè owó rẹ̀. Mo máa ń kọ ohun tí mo ṣe ní èdè tí oníbàárà lè kà, nítorí pé inú ínfọ́ìsì ni n ó gbé e sí. Òpó ìkarùn-ún máa ń ṣófo títí di ọjọ́ tí mo bá béèrè owó náà, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ sọ fún mi iye iṣẹ́ tí mo ti ṣe tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ owó rẹ̀:

```
=SUMIFS(Wakati!D2:D500,Wakati!B2:B500,"MT-04",Wakati!E2:E500,"")
```

Ní ìparí oṣù kẹta, ìlà MT-04 mẹ́rin ló ṣófo bẹ́ẹ̀: 3.5 ní ọjọ́ 5, 4 ní ọjọ́ 12, 3 ní ọjọ́ 18 àti 3 ní ọjọ́ 19. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13.5, tí a bá sì sọ ọ́ di ìlọ́po 40, 540 ni. Ìpè ààbọ̀ wákàtí kan tún wà tí mo pinnu pé n kò ní gba owó rẹ̀. Mo kọ `OFE` sí òpó ìkarùn-ún rẹ̀. Ẹ má ṣe fi irú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ẹ má sì ṣe pa á rẹ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo, yóò kó wọ inú owó tí ẹ ń béèrè. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ẹ kò ní mọ iye àkókò tí oníbàárà náà ń gbà lọ́wọ́ yín nígbà tí ó bá tó àkókò láti tún owó wákàtí sọ.

Ọjọ́ tí ẹ ṣe iṣẹ́ ni kí ẹ kọ wákàtí rẹ̀. Bí mo bá fi í di Ọjọ́ Ẹtì kí n tó kọ ti gbogbo ọ̀sẹ̀, àwọn iṣẹ́ kéékèèké ni mo máa ń gbàgbé, ìyẹn ogún ìṣẹ́jú níhìn-ín, ààbọ̀ wákàtí lọ́hùn-ún, àwọn náà sì ni kò ní ẹ̀rí mìíràn níbi kankan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ ínfọ́ìsì sílẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọjọ́ sísan rẹ̀

Ojú ewé `Owo` rọrùn. A ni nọ́ńbà ínfọ́ìsì, B ni kóòdù, C ni ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́, D ni iye owó, E ni iye ọjọ́ tí wọ́n ní láti san án, F ni ọjọ́ tí ó yẹ kí owó wọlé, G ni ọjọ́ tí ó wọlé. Òpó F kò ju `=C2+E2` lọ. Ínfọ́ìsì MT-04 tí mo fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta pẹ̀lú 30 ọjọ́ gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin. Òfin pupa ti ojú ewé yìí ni:

```
=AND($A2<>"",$G2="",$F2<TODAY())
```

Ní kété tí ínfọ́ìsì bá ti lọ, ẹ padà sí `Wakati`, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí gbogbo ìlà tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fo èyí, oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ ó tún béèrè owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ojú sì máa ń tini púpọ̀ nígbà tí oníbàárà bá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Bí oníbàárà bá san díẹ̀ nínú owó kan, ẹ má ṣe kọ ọjọ́ sí òpó G. Ẹ dín iye tó wà lórí ìlà náà kù sí ohun tó ti wọlé, kí ẹ sì kọ àṣẹ́kù sórí ìlà tuntun tó ní nọ́ńbà ínfọ́ìsì kan náà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kọ ọjọ́ sórí ti àkọ́kọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń to ìlà ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́, gbogbo òpó ni kí ẹ yàn pọ̀. Bí ẹ bá to òpó kan ṣoṣo, ọjọ́ yóò kúrò lára iṣẹ́ tó ni ín, kò sì sí àmì kankan tí yóò fi hàn yín. Bákan náà, bí oníbàárà kan bá fẹ́ máa wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, fáìlì mìíràn ni kí ẹ ṣe fún un. Ojú ewé tí a fi pamọ́ kì í ṣe ojú ewé tí a tì pa, ẹni tó bá sì ní fáìlì náà lọ́wọ́ lè ṣí i, kí ó sì ka iye tí ẹlòmíràn ń san fún yín.

Bí GB-01 ṣe parí

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà dé ní ọjọ́ 28, èkejì dé ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 31, mo sì yí nọ́ńbà inú àkíyèsí náà di 1, lẹ́yìn náà di 2. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, wọ́n kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yí ètò ojú ewé méjì padà pátápátá. Mo ṣí òpó I kí n tó fèsì, mo sì kọ èyí sí wọn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. A lè ṣe àyípadà yìí. Àtúnṣe méjì tó wà nínú owó wa ti parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹnu kò nínú ìmeèlì ọjọ́ 27 oṣù kejì, nítorí náà èyí yóò gba wákàtí 2.5, owó rẹ̀ sì jẹ́ 100. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, n ó fi í ránṣẹ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Wọ́n dáhùn ní ọjọ́ náà pé kí n máa bá a lọ, láìbéèrè ohunkóhun. Ìlà tuntun kan wọ `Ise` pẹ̀lú gbèdéke tirẹ̀, wákàtí 2.5 wọ `Wakati`, nígbà tí wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkẹyìn, ínfọ́ìsì kan ṣoṣo ni mo kọ: 400 tó kù, àti 100 ti àtúnṣe kẹta lórí ìlà tirẹ̀.